Aṣemítéènì Kì Í Ṣe Bakitéríà

Màálù tó dùbúlẹ̀ tó ń jẹ àpọ̀jẹ kì í pẹ́ kó tó gùfẹ̀. Gáàsì mítéènì wà nínú atẹ́gùn tó ń bá ìgùfẹ̀ náà jáde, gáàsì kan náà tó pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń wà láti abẹ́ ilẹ̀ ní Niger Delta. Màálù tó ti dàgbà lè tú lítà 250 sí 500 rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ lóòjọ́. Ẹnu ni èyí tó pọ̀ jù ń gbà jáde, kì í ṣe ìdí gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò. Oúnjẹ ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. Bí a bá pín agbára inú oúnjẹ màálù sí ọ̀nà 100, ó tó ọ̀nà 2 sí 12 tó ń bá mítéènì lọ, tí kò di ẹran, tí kò sì di wàrà.

Màálù fúnra rẹ̀ kò mọ mítéènì ṣe. Inú àpò ikùn rẹ̀ tó tóbi jù, èyí tí àwọn alápatà ti ń gé ṣàkì, ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe é ń gbé. Wọ́n kéré púpọ̀: bí a bá to bí ẹgbẹ̀rún kan wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo rẹ̀ lè má ju mìlímítà kan lọ. Nínú maikirosíkóòpù, òmíràn rí bí ọ̀pá, òmíràn rí roboto, òmíràn sì lọ́ bí okùn, gẹ́lẹ́ bí bakitéríà ṣe ń rí. Nítorí náà, bakitéríà ni gbogbo ìwé ń pè wọ́n títí di ọdún 1977. Orúkọ yẹn kò tọ́ sí wọn. Ẹ̀yà ẹ̀dá tí a ń pè ní ákíà ni wọ́n, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín wọn àti bakitéríà jinlẹ̀ ju ohun tí ojú lè rí lọ. Ó hàn lára ògiri sẹ́ẹ̀lì wọn, ó hàn nínú ọ̀rá awọ wọn, ó sì hàn níbi tí wọ́n ń gbé. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, aṣemítéènì ni n ó máa pè wọ́n.

Ẹni tó kọ́kọ́ kó gáàsì wọn jọ tó sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa ni Alessandro Volta, ọmọ Ítálì tí a fi orúkọ rẹ̀ sọ fóòtì iná mànàmáná. Ní ọdún 1776, ó fi igi ro ẹrẹ̀ létí adágún Maggiore, ó gba gáàsì tó ń ru sókè sínú ìgò, ó ṣáná sí i, ó sì jó. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe é nínú ẹrẹ̀ náà. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun ẹlẹ́mìí ni.

Oúnjẹ àwọn aṣemítéènì kò ṣòroó ṣàlàyé. Háídrójìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ. Ọ́síjìn ni àwa fi ń jó oúnjẹ nínú ara wa, ṣùgbọ́n CO2 ni àwọn ń lò. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí:

CO2 + 4H2 → CH4 + 2H2O

CH4 yẹn ni mítéènì. Àwọn mìíràn nínú wọn máa ń pín ásíìdì inú fínígà sí méjì, kí apá kan di mítéènì, kí èkejì di CO2. Agbára díẹ̀ ni wọ́n ń rí nídìí iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń lọ́ra láti dàgbà. Kò sí bakitéríà kankan tí a mọ̀ tó ń fi ọ̀nà yìí wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀.

Májèlé ni ọ́síjìn jẹ́ fún wọn. Èyí ló mú kí ó pẹ́ kí a tó mọ̀ wọ́n dunjú, nítorí pé ẹni tó bá ṣí abọ́ lásán láti wò wọ́n ti ba iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́. Robert Hungate, ará Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí nípa ikùn màálù, ló wá ojútùú sí i láàárín ọdún 1940 sí 1950. Ó ń fẹ́ gáàsì tí kò ní ọ́síjìn sínú ìgò gbogbo ìgbà tó bá ṣí i, ó sì ń dé e pinpin. Ohun kan wà tó wá ṣèrànwọ́ lẹ́yìn náà. Èròjà kan wà nínú aṣemítéènì tí a ń pè ní F420, tó ń mú kí wọ́n tàn bíi iná aláwọ̀ búlúù tó dàpọ̀ mọ́ ewéko bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ tó yẹ lù wọ́n nínú maikirosíkóòpù. Bí a bá fi omi inú ṣàkì sábẹ́ rẹ̀, àwọn aṣemítéènì á máa tàn, ọ̀pọ̀ bakitéríà tó yí wọn ká á sì ṣókùnkùn.

Ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kúrò nínú bakitéríà bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì Illinois ní ìlú Urbana. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Carl Woese ń fi ohun kan ṣe ìwádìí ìran àwọn kòkòrò àìfojúrí níbẹ̀. Ó mọ̀ pé gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ló ní ráíbósóòmù, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń kan purotéènì pọ̀, àti pé RNA inú ráíbósóòmù náà kì í tètè yí padà bí ìran ṣe ń tẹ̀lé ìran. Bí a bá fi RNA ẹ̀dá méjì wéra, ibi tí wọ́n bá ti jọra á fi hàn bí wọ́n ṣe sún mọ́ra sí. Nígbà yẹn, kò sí ẹ̀rọ tó lè ka RNA láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí Woese ń ṣe ni pé ó ń fi fọsifọ́rọ́ọ̀sì tó ní ìtànṣán bọ́ kòkòrò náà, á yọ RNA rẹ̀, á fi ẹ́ńsáìmù gé e sí wẹ́wẹ́, á sì fi iná mànàmáná tẹ́ àwọn ẹ̀yà náà sórí pépà. Bí ó bá gbé fíìmù lé e, ibi tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà á di àmì dúdú. Ọjọ́ púpọ̀ ló fi ń jókòó ti irú fíìmù bẹ́ẹ̀, tó ń ka àwọn àmì náà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan.

Ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà, Ralph Wolfe ni ọ̀gá nídìí aṣemítéènì, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kan, William Balch, sì ti rí ọ̀nà láti tọ́ wọn nínú ìgò dídé tí háídrójìn kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ọ̀nà yìí ló jẹ́ kí fọsifọ́rọ́ọ̀sì onítànṣán ṣeé lò láìsí ewu púpọ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni mẹtanobakitéríọ̀mù kan tí wọ́n rí nínú ẹgbin omi ìdọ̀tí ìlú Urbana fúnra rẹ̀, tó fẹ́ràn ooru bí ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 65. George Fox ló bá Woese ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1976, fíìmù rẹ̀ jáde. Àwọn àmì tí Woese ti ń rí lára gbogbo bakitéríà tó ti kà tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé ohun tó tọ́ kọ́ ni wọ́n gbé fún òun. Wọ́n tún un ṣe, ohun kan náà ló jáde. Wọ́n yẹ aṣemítéènì mìíràn wò, òun náà kò ní àwọn àmì wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n ó jọ èyí àkọ́kọ́. Woese wá lọ sọ fún Wolfe pé àwọn ẹ̀dá yìí kì í ṣe bakitéríà rárá. Ó ya Wolfe lẹ́nu, nítorí pé ojú bakitéríà ló ti fi ń wò wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́.

Nígbà tí wọ́n tẹ ìwádìí náà jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1977, ìwé ìròyìn New York Times gbé e sí ojú ewé àkọ́kọ́. Inú ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò dùn sí i. Salvador Luria, tó ti gba ẹ̀bùn Nobel, pe Wolfe lórí fóònù pé kó yáa ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà kí ó má bàa ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Mo rò pé kò yẹ ká dá wọn lẹ́bi jù. Àmì dúdú orí fíìmù kò tó ohun tí èèyàn máa fi pín gbogbo ẹ̀dá alààyè ní ìpín tuntun. Ó yẹ kí ẹ̀rí mìíràn wà tí a lè fi kẹ́míkà lásán dán wò, ẹ̀rí náà sì ti ń bọ̀ láti Jámánì.

Ògiri sẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀rí yẹn. Sẹ́ẹ̀lì bakitéríà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ní ògiri tí wọ́n fi múréènì ṣe. Okùn ṣúgà gígùn ni múréènì. Irú ṣúgà méjì ló ń tẹ̀lé ara wọn nínú okùn náà, ásíìdì amínò díẹ̀díẹ̀ sì so okùn kan mọ́ èkejì, títí gbogbo rẹ̀ fi yí sẹ́ẹ̀lì ká. Bí kò bá sí ògiri yìí, omi á rọ́ wọ inú bakitéríà, á sì bẹ́. Ibẹ̀ ni a ti ń rí bakitéríà mú. Láísósáìmù tó wà nínú omijé, nínú itọ́ àti nínú funfun ẹyin ń gé okùn ṣúgà yẹn. Pẹnisílììnì ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí okùn so mọ́ okùn nígbà tí bakitéríà bá ń kọ́ ògiri tuntun.

Otto Kandler, onímọ̀ nípa ewéko ní ìlú Munich, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàyẹ̀wò ògiri bakitéríà. Nígbà tó yẹ ògiri mẹtanosasínà wò, kò rí múréènì kankan níbẹ̀. Àbájáde yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbọ́ nípa iṣẹ́ Woese. Nígbà tó gbọ́, ó gbà á kíákíá, nítorí pé ohun tó ti rí kò ní àlàyé mìíràn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Òun àti Helmut König wá yẹ ògiri mẹtanobakitéríọ̀mù wò. Lójú maikirosíkóòpù, ògiri yìí nípọn bíi ti bakitéríà. Kódà ó ń gba àwọ̀ tí àwọn onílé àyẹ̀wò fi ń pín bakitéríà sí méjì. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n sọ ọ́ ní sùdómúréènì, ìyẹn ayédèrú múréènì.

Ọ̀kan nínú ṣúgà méjì tó wà nínú múréènì kò sí nínú sùdómúréènì. Ṣúgà mìíràn tó ń jẹ́ talosamínúróníìkì ló dípò rẹ̀. Ibi tí ṣúgà fi ara kọ́ra náà yàtọ̀, nítorí náà láísósáìmù kò rí ibi tó máa gé. Ásíìdì amínò tó so okùn pọ̀ náà kò rí bákan náà. Ásíìdì amínò lè wà ní ọ̀nà méjì tó jọra bí ọwọ́ ọ̀tún ṣe jọ ọwọ́ òsì, síbẹ̀ tí ìbọ̀wọ́ ọ̀kan kò lè bá èkejì mu. Bakitéríà máa ń lo irú ti òsì àti irú ti ọ̀tún pọ̀ nínú múréènì, bẹ́ẹ̀ sì ni irú tó ṣọ̀wọ́n yẹn ni pẹnisílììnì ń fara jọ láti fi tan ẹ́ńsáìmù jẹ. Irú kan ṣoṣo ló wà nínú sùdómúréènì, èyí kan náà tó wà nínú purotéènì gbogbo ẹ̀dá. Pẹnisílììnì kò rí ẹni tàn níbẹ̀. Bí a bá da pẹnisílììnì sínú ìgò tí mẹtanobakitéríọ̀mù wà, á máa dàgbà lọ bíi pé omi ni a dà sí i.

Kì í ṣe gbogbo aṣemítéènì ló tilẹ̀ ní sùdómúréènì. Ìpele purotéènì kan ṣoṣo ló bo mẹtanokókọ́ọ̀sì, ó fúyẹ́ débi pé ọṣẹ díẹ̀ lè tú u. Mẹtanosasínà máa ń fi ohun kan tó jọ èròjà inú kèrékèré egungun ẹran dì mọ́ra wọn. Ohun kan tó so gbogbo wọn pọ̀ ni pé kò sí èyí tó ní múréènì.

Abẹ́ ògiri ni awọ sẹ́ẹ̀lì wà, ọ̀rá ni wọ́n sì fi ṣe é. Níbí ni mo ti rí ìyàtọ̀ tó dá mi lójú jù. Ẹni tó bá ti ṣe ọṣẹ dúdú rí mọ̀ pé omi eérú ni a ń dà sínú epo tí a ń sè. Gílísẹ́rọ́ọ̀lì ló mú àwọn ẹ̀ka ọ̀rá inú epo pọ̀, ìdè tó so wọ́n mọ́ra ni a ń pè ní ẹ́sítà. Omi eérú ń já ìdè yẹn, àwọn ẹ̀ka ọ̀rá á bọ́ lẹ́yọ, wọ́n á sì di ọṣẹ. Ìdè ẹ́sítà yìí náà ló wà nínú ọ̀rá awọ bakitéríà àti nínú ti èèyàn àti ewéko. Bí a bá se awọ bakitéríà pẹ̀lú omi eérú líle, á di ọṣẹ.

Ọ̀rá aṣemítéènì kò lè di ọṣẹ. Ìdè tó so ẹ̀ka rẹ̀ mọ́ gílísẹ́rọ́ọ̀lì ni a ń pè ní íità, omi eérú kò sì lè já a. Ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀ kò rí bí ẹ̀ka ọ̀rá tí a mọ̀. Ti bakitéríà sábà máa ń gùn gbọọrọ láìyà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ti aṣemítéènì máa ń ní kábọ́nì 20, àwọn ìyọrísí kékeré sì ń hù jáde lára rẹ̀ ní gbogbo kábọ́nì mẹ́rin-mẹ́rin. Áísópíríìnì ni wọ́n fi ń kọ́ irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, èròjà kan náà tí wọ́n fi ń kọ́ rọ́bà. Gílísẹ́rọ́ọ̀lì inú awọ bakitéríà àti èyí inú awọ ákíà tún yàtọ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ nípa ọwọ́ méjèèjì: ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ọ̀kan kì í ṣe ìbátan èyí tó ń ṣe èkejì rárá. Lójú tèmi, èyí ni ààlà tó nípọn jù láàárín ìran méjèèjì.

Ìdè íità nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé a rí bakitéríà mélòó kan nínú omi gbígbóná tí òun náà wà nínú ọ̀rá wọn. Ìgbà tí íità, ẹ̀ka áísópíríìnì àti gílísẹ́rọ́ọ̀lì ọwọ́ kejì bá jókòó pọ̀ ni a tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ákíà ni. Thomas Tornabene àti Thomas Langworthy ṣàfihàn irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ nínú oríṣiríṣi aṣemítéènì ní ọdún 1979. Wọ́n tún rí ohun kan tó gbayì. Awọ bakitéríà ní ìpele ọ̀rá méjì tó dojú kọ ara wọn. Nínú àwọn aṣemítéènì kan, ẹ̀ka ọ̀rá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti so pọ̀ di ẹyọ kan tó gùn tó kábọ́nì 40, tó sì la awọ já láti ìta dé inú. Irú awọ bẹ́ẹ̀ kò lè ya sí méjì bí ooru bá mú. Mẹtanokádókókọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n rí ní ìsàlẹ̀ òkun Pàsífíìkì, níbi tí omi gbígbóná ti ń tú láti inú ilẹ̀. Bí wọ́n bá ń mú kí ooru ibi tí wọ́n ti ń tọ́ ọ pọ̀ sí i, ọ̀rá gígùn yìí ló máa ń ṣe púpọ̀ sí i, èyí tó kúrú á sì máa dín kù.

Àwọn kan wá gbé èyí lé orí pé ẹ̀dá inú ooru gbígbóná ni gbogbo ákíà. Ìmọ̀ràn yẹn kò dára. Òótọ́ ni pé aṣemítéènì ló gba ipò kìíní láàárín àwọn ohun ẹlẹ́mìí tí a mọ̀ pé ó ń dàgbà nínú ooru tó ga jù: mẹtanopáírọ́ọ̀sì kan láti ìsàlẹ̀ òkun Íńdíà dàgbà ní ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 122 lábẹ́ ìtẹ̀ púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ Japan ṣe kọ ọ́ ní ọdún 2008. Bakitéríà tó lágbára jù nínú ooru kò kọjá nǹkan bí 100. Ṣùgbọ́n ooru inú ṣàkì màálù jẹ́ nǹkan bí 39, ti ẹrẹ̀ oko ìrẹsì sì tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó ń pinnu ibùgbé aṣemítéènì ni kí ọ́síjìn má sí, kí ẹnì kan sì máa fi háídrójìn tàbí ásíìdì inú fínígà bọ́ wọn. Bakitéríà kò ní irú ààlà bẹ́ẹ̀: wọ́n wà nínú afẹ́fẹ́, lára ewé, lára awọ wa, nínú omi àti nínú ẹrẹ̀.

Bakitéríà náà ló sì ń bọ́ àwọn aṣemítéènì. Ní ọdún 1967, Marvin Bryant àti Wolfe pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi èyí hàn gbangba. Kòkòrò kan wà tí gbogbo èèyàn gbà pé aṣemítéènì ni, tó ń jẹ ọtí. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ̀dá méjì ló wà nínú ìgò náà. Bakitéríà ló ń jẹ ọtí, ó sì ń tu háídrójìn jáde. Aṣemítéènì sì ń jẹ háídrójìn yẹn. Bakitéríà náà kò lè jẹ ọtí nìṣó bí háídrójìn bá pọ̀ yí i ká, nítorí náà ó nílò ẹni tó máa kó o kúrò. Aṣemítéènì ní tirẹ̀ kò mọ ọtí jẹ. Báyìí náà ni ọ̀rọ̀ rí nínú ikùn màálù, nínú ikùn ikán tó ń jẹ igi àti nínú ìfun èèyàn, níbi tí mẹtanobúrẹfibákítà ti ń gbé.

Nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, aṣemítéènì sábà máa ń pàdánù. Omi òkun ní sọ́fétì púpọ̀, àwọn bakitéríà tó ń lo sọ́fétì sì lè gba háídrójìn kódà nígbà tó bá kéré débi tí aṣemítéènì kò lè lò ó mọ́. Ibi tí sọ́fétì bá ti tán, ní ìsàlẹ̀ jìnnà nínú ẹrẹ̀, ni aṣemítéènì ti ń rí àyè ṣiṣẹ́ dáadáa.

Àwọn oníṣẹ́ ẹran ti ń lo ìyàtọ̀ inú awọ àti inú oúnjẹ yìí. Lọfásítátíìnì, oògùn tí àwọn èèyàn ń lò láti dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù, máa ń dí ọ̀nà tí áísópíríìnì gbà ń wá nínú ara wa. Ọ̀nà yẹn kan náà ni ákíà fi ń ṣe ọ̀rá awọ wọn. Nínú ilé àyẹ̀wò, irú oògùn yìí dá aṣemítéènì inú ikùn ẹran dúró, ó sì fi àwọn bakitéríà ibẹ̀ sílẹ̀. Oògùn mìíràn tó ń jẹ́ 3-NOP ń dí ẹ́ńsáìmù tó ń parí iṣẹ́ mítéènì. Bí wọ́n bá pò ó mọ́ oúnjẹ màálù onírún wàrà, mítéènì máa ń dín ní nǹkan bí ọ̀nà 30 nínú 100. Ìjọba àpapọ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí i ní ọdún 2022.

Ohun tó kan ọ̀pọ̀ wa jù ni ojò báyógáàsì, nítorí pé àwọn tó ń sin adìẹ àti màálù ti ń ṣe é nílé wa. Ẹ jẹ́ ká fi ojò kan ṣe àpẹẹrẹ. Omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 10,000, ìgbẹ́ tí a bá dà sí i sì ní láti lo ogójì ọjọ́ kó tó jáde. A ó máa da lítà 250 sí i lóòjọ́, ìyẹn kílò 125 ìgbẹ́ màálù tí a pò mọ́ lítà 125 omi. Bó bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, á máa mú nǹkan bí mítà oníka mẹ́ta márùn-ún gáàsì jáde lóòjọ́, ó sì máa ń ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ tó jẹ́ mítéènì.

Ní ọjọ́ kan, onílé da èèpo ẹ̀gẹ́ púpọ̀ sínú ojò náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èèpo ẹ̀gẹ́ máa ń tètè jẹrà. Láàárín wákàtí mélòó kan, àwọn bakitéríà á ti pọ̀ sí i, wọ́n á sì sọ ọ́ di ásíìdì. Aṣemítéènì tó yẹ kó jẹ ásíìdì náà lè lo ọjọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó pín sí méjì lẹ́ẹ̀kan. Ásíìdì á ga ju ọwọ́ wọn lọ. Wọ́n fẹ́ kí pH wà láàárín 6.8 sí 7.5, bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju 6.5 lọ, iṣẹ́ wọn á dín kù gan-an, ásíìdì á sì túbọ̀ ga. Onílé á kọ́kọ́ rí i pé gáàsì ń jáde síbẹ̀ ṣùgbọ́n tí iná rẹ̀ ń kú, nítorí pé CO2 ló kún inú rẹ̀. Òórùn kíkan á wá tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà gáàsì fúnra rẹ̀ á dá.

Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó dá oúnjẹ ojò náà dúró fún ọjọ́ mélòó kan, kó fi bébà pH yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, kó sì fi ẹfun tàbí sódà díẹ̀díẹ̀ gbé pH sókè. Ìgbẹ́ màálù tútù, tàbí ohun tó wà nínú ṣàkì láti ilé alápatà, ló dára jù láti fi gbin aṣemítéènì tuntun sínú rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ padà pẹ̀lú díẹ̀, kó máa fi kún un bí iná ṣe ń padà bọ̀ sípò.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà ṣe pàtàkì. Bí wọ́n bá ti fún adìẹ ní oògùn tó ń pa bakitéríà, tí ìgbẹ́ wọn sì wọ inú ojò, gáàsì lè dá kódà bí oògùn náà kò bá kan aṣemítéènì lára: àwọn bakitéríà tó ń ṣe oúnjẹ fún wọn ló ti kú. Oògùn mélòó kan sì wà tó ń kan aṣemítéènì fúnra wọn. Mẹtironidásóòlù, èyí tí a ń pè ní Fàlájìlì, jẹ́ ọ̀kan lára wọn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lo ìgbẹ́ adìẹ, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bọ́ wọn nípa oògùn tí wọ́n lò lẹ́nu àìpẹ́, kó sì kó ìgbẹ́ tó bá ní oògùn nínú sí apá kan kó tó di pé ó dà á sínú ojò.